Orúkọ wo ló yẹ fídíò tí ìparí rẹ̀ wọnú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè, láti Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin àgbà, aṣọ ni mo ń tà. Mo ní fídíò ìṣẹ́jú àáyá 12, níbi tí àǹkárá ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn, tí mo fẹ́ kí ó máa yí lójú tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀ di alẹ́. Bó bá ti parí, aṣọ náà á fò pìrí padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń sọ pé «bukúlù» náà kò dára. Kí ni a lè pe èyí tó dára ní Yorùbá?

Ìdáhùn kìíní, láti Kétu: «Àyípo» ti tó, ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ohun tó kù ni pé kí àwòrán ìkẹyìn bá àwòrán àkọ́kọ́ dọ́gba. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó parí.

Ìdáhùn kejì, láti Kétu kan náà: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀. Iṣẹ́ títò fídíò ni mo ń ṣe. Bí àwòrán méjèèjì bá dọ́gba pátápátá, a ó rí ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, aṣọ tó ń fẹ́ á sì dúró wẹ́rẹ́ kó tó tún mira. Ojú máa ń mọ ìkọsẹ̀ kékeré yẹn, pàápàá bí atẹ́gùn bá le. Àwòrán ìkẹyìn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ṣáájú àkọ́kọ́, kì í ṣe àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀.

Atẹ́gùn kì í sì í fẹ́ aṣọ padà sí ibi kan náà gẹ́lẹ́. Nítorí náà, ẹ gé fídíò yín sí méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kẹfà, kí ẹ gbé apá kejì síwájú apá kìíní. Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí tuntun ti jẹ́ aládùúgbò tẹ́lẹ̀ nínú fídíò àtilẹ̀wá, nítorí náà wọn yóò bára wọn mu láìsí wàhálà. Ibi tó ń fò ti bọ́ sáàárín báyìí. Ẹ jẹ́ kí apá méjèèjì gun ara wọn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ọ̀kan máa ṣá bí èkejì ti ń hàn. Fídíò náà yóò ku ìṣẹ́jú àáyá 11. Ṣùgbọ́n bí alùpùpù kan bá kọjá lẹ́yìn aṣọ ní àárín ìgbà yẹn, ẹ ó rí i bí iwin, ara rẹ̀ á máa hàn gbangba dé ẹ̀yìn.

Ní ti orúkọ, mo dábàá «àyípo aláìlójú-ìrán», bíi ti télọ̀.

Láti Ṣábẹ: Tèmi náà rèé o. Níbi ìgbéyàwó kan, fídíò tó wà lẹ́yìn ìyàwó máa ń dúdú fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé ojú ìrán náà nìyẹn?

Láti Kétu, olùtò fídíò: Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde ló ń pa fáìlì dé kó tó tún un ṣí. Gígé kankan kò lè wò ó sàn. Ẹ fi ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún fídíò ṣe, sọ fáìlì náà di gígùn kí dúdú náà má tètè wá:

```
ffmpeg -stream_loop 299 -i aso.mp4 -c copy -an gigun.mp4
```

Èyí yóò so ẹ̀dà 300 fídíò náà pọ̀. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 11, ìṣẹ́jú 55 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kíyè sí ìwọ̀n rẹ̀: fáìlì mẹ́gábáìtì 10 yóò tó gígábáìtì 3, kọ́kọ́rọ́ USB tó bá jẹ́ FAT32 kì í sì í gba fáìlì tó bá tó gígábáìtì 4.

Láti Àjàṣẹ́, ìyá kan tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀: Ọmọ mi, ìrán ṣì wà níbẹ̀, ẹ kàn gbé e sáàárín ni. Bí a bá so bèbè, kókó wà lára okùn, ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń yí i sẹ́yìn. «Àyípo akókópamọ́» ni mo rí nínú ohun tí o ṣàlàyé.

Láti Kétu, olùtò fídíò: Ó wọ̀ mí lára, ìyá mi. Ṣùgbọ́n fídíò tí a fi kọ̀ǹpútà yà, tí ó yí po ní tòótọ́, kò ní kókó kankan tí a pamọ́. Ṣé orúkọ méjì la ó ní nìyẹn?

Láti Àjàṣẹ́, olùbéèrè: Mo ti gé e ní kẹfà. Ó kọjá láìfò, àmọ́ àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju etí lọ, nítorí oòrùn yọ nígbà tí mo ń yà á. Ọmọ iṣẹ́ mi ṣì ń pè é ní bukúlù.