Apajẹ kúrò nínú adágún: ṣé “àkóbá” ni àbí “àtagbà”?

Olùkọ́ Girama: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Kí ni a lè pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú adágún nígbà tí ẹja tó ń pa àwọn yòókù jẹ bá pòórá, tí ìyípadà náà sì dé ọ̀dọ̀ ohun tó kéré jù nínú omi? “Àwọ̀n oúnjẹ” tí mo ti kọ fún bí àwọn ohun inú omi ṣe ń jẹ ara wọn ńkọ́, àti “ọba apajẹ” fún apajẹ tó ga jù, ṣé ẹ gbà wọ́n wọlé?

Bàbá Atúmọ̀: Àkóbá ni. Ẹnìkan lọ, ẹlòmíràn ń jìyà rẹ̀. Òwe wa ti sọ ọ́: bí ológbò bá fi ilé sílẹ̀, ilé á di ilé èkúté. Bí apajẹ bá kúrò, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò pọ̀ sí i.

Onímọ̀ Omi: Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìdajì rẹ̀ ni mo gbà. Òwe yẹn dúró sọ́dọ̀ èkúté, kò dé ọ̀dọ̀ àgbàdo inú àká. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń pọ̀. Ọ̀kan á pọ̀, èyí tó ń jẹ á dín, ohun tí ìyẹn náà ń jẹ á tún pọ̀.

Ẹ wo adágún Píìtà, Pọ́ọ̀lù àti Túsìdéè ní Míṣígànì ní Amẹ́ríkà, nítòsí ààlà Wisikọ́nsìn. Ní 1985, àwọn onímọ̀ adágún Stephen Carpenter, James Kitchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó ẹja wẹ́wẹ́ tó tó bí 45,000 kúrò ní Túsìdéè, níbi tí kò ti sí apajẹ, wọ́n sì kó ẹja básì, tí í ṣe apajẹ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 láti Píìtà wá síbẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kan Pọ́ọ̀lù, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n máa fi wé e. Ẹja wẹ́wẹ́ tó ṣẹ́ kù ní Túsìdéè tán. Dáfíníà ńláńlá, kòkòrò omi tí ẹja wẹ́wẹ́ kì í jẹ́ kó gbilẹ̀, wá gba omi, ó ń sẹ́ àwọn ewéko wẹ́wẹ́ tí ń sọ omi di àwọ̀ ewé, wọ́n sì dín kù. Ta ló kó bá dáfíníà? Èrè ló jẹ. “Àtagbà” ni tèmi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè: Ṣùgbọ́n apajẹ dé ni ẹ sọ yẹn. Olùkọ́ ní ó pòórá. Píìtà tí wọ́n kó básì rẹ̀ lọ ńkọ́?

Onímọ̀ Omi: Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn. Wọ́n kó ẹja wẹ́wẹ́ Túsìdéè lọ síbẹ̀, wọ́n rò pé yóò gbilẹ̀. Básì bí ìdá kan nínú mẹ́wàá tó kù kò jẹ́ kó rọ́wọ́ mú. Ṣùgbọ́n básì àgbà máa ń jẹ ọmọ básì. Bí àgbà ti dín kù, ọmọ tí wọ́n pa lọ́dún náà yè lọ́pọ̀ yanturu, àwọn ọmọ yìí ló sì wá jẹ kòkòrò omi. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ “apajẹ àgbà” ju “ọba apajẹ” lọ: iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kọ́ ni ọmọ apajẹ ń ṣe.

Ẹlẹ́ja: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè dà sómi? Mo ta gbogbo àrọ̀ tó wà nínú adágún mi, ẹpìyà nìkan ló kù. Ó ti kún fọ́fọ́, ọ̀kankan ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, omi sì di ewé.

Onímọ̀ Omi: Ẹ má da nǹkan kan sí i. Ẹpìyà máa ń bímọ láti kékeré, àrọ̀ yín ló ń jẹ àwọn ọmọ náà. Ní báyìí, ẹnu pọ̀ ju oúnjẹ lọ, ìdàgbà wọn dúró. Ẹ ṣa èyí tó kéré kúrò, kí ẹ sì dá àrọ̀ tó lè gbé ọmọ ẹpìyà mì padà. Ti àwọ̀ omi ni mi ò lè búra sí, torí ẹpìyà fúnra rẹ̀ ń jẹ ewéko wẹ́wẹ́. Ṣé ẹ ń da ìgbẹ́ adìyẹ síbẹ̀?

Ẹlẹ́ja: Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Onímọ̀ Omi: Ó lè jẹ́ ìyẹn nìkan ló sọ omi di ewé. Ẹ fi aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì gbọ́n omi, kí ẹ yí ohun tó kù lójú aṣọ sínú ife. Bí ẹ bá rí dáfíníà tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, tí ojú lè rí dáadáa, kì í ṣe ẹja ló fà á. Bí ó bá jẹ́ kìkì èyí tó dà bí ekuru ló kù, ẹja ti ṣa ńlá jẹ, ẹ̀sùn náà á kan ẹpìyà pẹ̀lú ìgbẹ́.

Bàbá Atúmọ̀: Ẹlẹ́ja ló jìyà o! Àkóbá wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ẹlẹ́ja: Èmi ò fẹ́ “àwọ̀n oúnjẹ” yẹn ní tèmi. Àwọ̀n ni mo fi ń pẹja. Ọmọ á rò pé a fi ń kó oúnjẹ ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè: “Ẹ̀wọ̀n oúnjẹ” ńkọ́?

Onímọ̀ Omi: Ẹ̀wọ̀n ń lọ ní ìlà kan. Àrọ̀ ń jẹ ẹpìyà, ó ń jẹ kòkòrò, ó ń jẹ pàǹtírí ìsàlẹ̀ omi. Báwo ni ìlà kan ṣe máa gbà á?

Olùkọ́ Girama: Mo ti mú “àtagbà” àti “apajẹ àgbà”. Àwọ̀n ṣì wà nínú ìwé mi, ṣùgbọ́n màá ya àwòrán rẹ̀ kí ọmọ má bàa ṣì í gbọ́. Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún bí ọ̀kan ṣe ń pọ̀ tí èkejì ń dín. Ẹni tó bá ní, kó fi ránṣẹ́.