Iná bátìrì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù láàárín títì: kí lẹ kọ́kọ́ wò?

Ọmọ Ṣàgámù: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹlòmíì náà sọ tirẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, mò ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, mo ti kọjá Ṣàgámù díẹ̀. Bí mo ṣe wojú dáṣíbọ́ọ̀dù, iná pupa tó dà bí bátìrì ti tàn. Ọkọ̀ ò gbọ̀n, kò sì dún. Mo ní àṣé ayédèrú ni bátìrì tí wọ́n tà fún mi, kò tíì pé oṣù mẹ́rin!

Mo wo gééjì ooru, àárín ló wà. Mo yí sitiárìn díẹ̀, ó ṣì fúyẹ́. Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí ọtanétọ̀, wọ́tà pọ́ǹpù àti sitiárìn nínú ọkọ̀ mi. Ká ní ó ti já ni, sitiárìn á ti le, omi ò sì ní yí ká ẹ́ńjìnì mọ́. Èèyàn kì í wá ibi iwájú lọ nígbà yẹn, ẹ̀bá ọ̀nà ló ń yà sí kó tó jó. Mo pa éésì, mo pa rédíò, mo yọ fóònù kúrò lára ṣájà, mo sì wọ ilé epo kan.

Níbẹ̀ ni mo ti fi mítà wọn bátìrì pẹ̀lú ẹ́ńjìnì lórí: 11.9 fólítì. Ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Mo wọn ẹ̀yìn ọtanétọ̀, 11.9 náà ni. Mo wá pa ẹ́ńjìnì, mo fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì: kò dẹ̀, kò sán. A jẹ́ pé ọtanétọ̀ ló ń yí lásán, bátìrì ló ń dá gbogbo ẹrù gbé. Ẹ̀rù bà mí kí n tó tún ṣí i, àmọ́ ó ta.

Ojú mọ́mọ́ ì bá gbé mi délé. Ilẹ̀ ṣú, mo ní láti tan iná iwájú, iná náà ń pọ́n bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ́ńkọ́ń, ó sì kú nígbà tó ku bíi kìlómítà méjì kí n délé. Lọ́jọ́ kejì rẹ́wáyà tú régúlétọ̀: kábọ̀nù kan ti jẹ tán, èyí tó kù ò tó mìlímítà méjì. Ti tuntun gùn tó bíi sẹ̀ntímítà kan. Régúlétọ̀ nìkan la pààrọ̀. Ó ń gbé 14.2 báyìí.

Ìyá Ìbejì: Tèmi kì í tàn lójú ọ̀nà o, àárọ̀ ni kì í fẹ́ ta. Ṣé kábọ̀nù náà ni?

Awakọ̀ Àgbà: Kí ni mítà? Ẹ yọ orí bátìrì kan nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá kú, ọtanétọ̀ ti lọ nìyẹn. Bí a ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Bàbá Rẹ́wáyà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ayé ọkọ̀ oníkabúrétọ̀ nìyẹn. Bátìrì ló ń gba iná mọ́ra bó bá fò sókè. Bí ẹ bá yọ ọ́, bíréènì bọ́ọ̀sì ni iná náà máa lù. Èèyàn kan wọ́ tiẹ̀ wá bá mi nítorí irú ẹ̀, owó tó san níbẹ̀ ju ti ọtanétọ̀ lọ.

Ọmọ Ṣàgámù, ẹ̀yìn ọtanétọ̀ tí ẹ wọ̀n yẹn ló gbà yín. Oníbàárà mi kan ti ra ọtanétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, iná ò yéé tàn. Mo wọn ẹ̀yìn rẹ̀, 14.4, mo wọn orí bátìrì, 12.0. Ojú ọ̀nà ni iná ń kú sí! Wáyà ńlá tó wá sí bátìrì ní fíúùsì kan nínú àpótí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tó dè é ti tú, abẹ́ rẹ̀ ti jó dúdú. Mo ha á, mo dè é. Ọtanétọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ò ní nǹkan kan tó ń ṣe é.

Ìyá Ìbejì, tiyín yàtọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ẹ tó ṣí i. Bátìrì tó kún á sún mọ́ 12.6. Bó bá ti lọ sílẹ̀ sí 12, bóyá ó ti gbó, bóyá nǹkan kan ń fa iná lóru.

Tísà: Bí òjò bá rọ̀ ni tèmi máa ń tàn, bẹ́líìtì á máa ké fíìì, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti kú. Ẹnì kan ní kí n fi ọṣẹ pa á, mo gbọ́ràn, igbe náà wá di méjì. Mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì, ó ṣì ń ké.

Bàbá Rẹ́wáyà: Ẹ wo ohun tó ń fà á le, sípíríǹgì rẹ̀ lè ti rọ̀. Tàbí kí ọ́ìlì máa kán sí i láti òkè. Mi ò lè sọ láìrí i.

Awakọ̀ Àgbà: Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì ba bíréènì bọ́ọ̀sì ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ìyá Ìbejì: Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí: 11.7. Iná inú búùtù ni mo fura sí, àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ó kú bí búùtù bá ti pa dé?