Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yí gèlè, irun tàbí aṣọ ẹnìkan ṣoṣo padà nínú fótò ọlọ́pọ̀ èrò, báwo ló ṣe rí?

Ọmọ Ekìmọ̀gún
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. A sin màmá wa ní Oǹdó, wọ́n gbó wọ́n tọ́ kí wọ́n tó lọ. Nínú fótò ìdílé tí a yà lọ́jọ́ náà, gbogbo àwa obìnrin ló wé gèlè wáìnì, àfi ẹ̀gbọ́n wa àgbà tó wé yẹ́lò. Ẹnìkan ti bá wa yí i sí wáìnì, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń dán bí ike. Ẹnikẹ́ni tó bá wo fótò yẹn, orí ẹ̀gbọ́n wa ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti kàn rí, ẹ sọ tiyín. A fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, ká gbé e kọ́ sí pálọ̀ màmá.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀
Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n yín ò fi wé wáìnì? Ṣé wọn ò sanwó aṣọ ẹbí ni?

Ọmọ Ekìmọ̀gún
Wọ́n sanwó, mà. Ẹni tó ń gbé gèlè wọn bọ̀ láti Àkúrẹ́ ni kò tètè dé. Wọ́n padà wé wáìnì níbi àríyá.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀
Ẹ ṣeun. Mo kàn ní kí n bèèrè ni, torí aṣọ ẹbí ti da ìdílé rú níwájú mi.

Adé Alágbàká
Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Ẹ fi ìlà yí gèlè nìkan ká, ẹ ṣí Hue/Saturation nínú Photoshop, ẹ tẹ Colorize, kí ẹ máa fa Hue títí yóò fi pọ́n. Bí mo ṣe yí róòbù akọrin kan láti búlúù sí wáìnì nìyẹn, kò sí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ nínú ìjọ.

Fótò Ọyẹ́mẹ́kùn
Adé, ti akọrin yẹn bọ́ sí i torí pé búlúù tó ṣú àti wáìnì kò jìnnà síra ní ìmọ́lẹ̀. Yẹ́lò ń tàn, wáìnì ṣú dùdù. Tí o bá yí àwọ̀ nìkan tí o kò dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, píǹkì ló máa jáde. Nígbà tí ẹni tó ń ṣe é bá rí píǹkì, á wá da pupa tó ṣú lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ibi tí ìṣẹ́po gèlè ti ń parẹ́ nìyẹn, òun ló sì ń sọ ọ́ di ike.

Mo tún irú ẹ̀ ṣe fún ìdílé kan ní Ìjọ̀kà. Mo kọ́kọ́ wá ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan náà sí oòrùn pẹ̀lú màmá tí mo fẹ́ yí gèlè rẹ̀, torí ẹni tó wà lódì kejì, gèlè tirẹ̀ wà nínú òjìji, ó sì ti ń rí bíi dúdú. Mo ṣí Info, mo gbé Eyedropper sórí gèlè ẹni yẹn níbi mẹ́ta: góńgó ìṣẹ́po tí oòrùn bà, àárín, àti inú kòtò. Góńgó rẹ̀ jẹ́ R 150, G 45, B 70. Inú kòtò jẹ́ R 40, G 8, B 18. Mo wá ṣe Curves fún gèlè yẹ́lò yẹn nìkan pẹ̀lú Layer Mask, mo rọra ń fa ìlà rẹ̀ wálẹ̀ títí tí góńgó fi bá góńgó dọ́gba, tí kòtò sì bá kòtò dọ́gba ní ìmọ́lẹ̀. Mi ò tíì fọwọ́ kan àwọ̀ nígbà yẹn rárá. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bára mu tán ni mo tó gbé wáìnì lé e lórí layer tí mo fi Blend Mode rẹ̀ sí Color.

Adé Alágbàká
Mo gbà fún yín níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n èèyàn lè fa Saturation gbogbo fótò sí -100, kó di dúdú àti funfun, kó fi mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ bára mu. Ìyẹn yá ju kéèyàn máa ka nọ́ńbà lọ.

Fótò Ọyẹ́mẹ́kùn
Ó yá, ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa fún ojú. Ya yẹ́lò gidi, 255, 255, 0, sẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù gidi, 0, 0, 255, kí o fa Saturation wálẹ̀ sí -100. Eérú kan náà ni wọn yóò dà, bẹ́ẹ̀ ojú gbogbo wa mọ̀ pé yẹ́lò tàn ju búlúù lọ fíìfíì. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń kun layer tuntun kan ní dúdú, mo gbé e sókè pátápátá, mo sì fi sí Color. Fótò á di dúdú àti funfun pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ bí ojú ṣe ń rí i. Tí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, mo pa á.

Adé Alágbàká
Ẹ jẹ́ kí n dán an wò ná.

Adé Alágbàká
Mo ti dán an wò. Òótọ́ ni, àwọn méjèèjì di eérú kan náà. Síbẹ̀, mo ṣì máa lo Saturation fún iṣẹ́ kíákíá.

Ẹ̀gbọ́n Oge
Lójú tèmi, irun tó máa ń dára jù nínú fótò èrò ni dídì. Wíìgì gígùn máa ń bo ojú ẹni ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo yín di ṣùkú, ẹ ò ní kábàámọ̀.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀
Ẹ̀gbọ́n Oge, wọ́n ti ya fótò ọ̀hún tán o.

Aláṣọ Ọjà Ọba
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń ta gèlè fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Gèlè tó ń dán, ibi tí oòrùn bá ti kọ mànà lára rẹ̀ kì í pọ́n, kódà bí gèlè jẹ́ wáìnì. Funfun ni ibẹ̀ máa ń rí, tàbí àwọ̀ oòrùn fúnra rẹ̀. Ẹ wo gèlè àwọn àbúrò yín nínú fótò yẹn dáadáa. Tí tiwọn bá ń kọ funfun létí, tí ti ẹ̀gbọ́n yín wá ń kọ píǹkì, ẹni tó mọ aṣọ á mọ̀ pé wọ́n kùn ún ni. Ẹ̀ẹ̀kejì, wáìnì kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tí mo tà lónìí àti èyí tó dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lè má jọra. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lo wáìnì inú orí wọn.

Ọmọ Ekìmọ̀gún
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sún un mọ́jú wò ni. Àní píǹkì ló ń kọ létí! Mo tún rí nǹkan míì: iwájú orí ẹ̀gbọ́n wa rí bí ẹni tí wọ́n fi ata rodo yẹ́lò pa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò wa tó dúró tì wọ́n náà sì rí bẹ́ẹ̀ níbi etí.

Fótò Ọyẹ́mẹ́kùn
Àwọ̀ gèlè yẹ́lò ló ta sí wọn lára. Aṣọ tó bá ń tàn nínú oòrùn máa ń ju àwọ̀ rẹ̀ sí ara tó bá sún mọ́ ọn: iwájú orí, etí, ògiri funfun, èjìká ẹni ẹ̀gbẹ́. Gèlè ti di wáìnì, yẹ́lò tó jù síta ṣì wà níbẹ̀, ojú á mọ̀ pé nǹkan kan ò lọ déédéé bí ẹnu ò tilẹ̀ lè sọ ọ́. Kí wọ́n mú àwọ̀ ara láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tí gèlè ò dé, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún sórí layer tó wà ní Color, kí Opacity má ju 20% lọ, kí wọ́n máa tún un kùn díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá kùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 100%, iwájú orí yẹn á di amọ̀.

Oníwíìgì Sáúsì Géètì
Irun ni tèmi. Ìyàwó kan ní kí wọ́n bá òun yí wíìgì ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, torí àwọn tó kù ṣe irun títọ́, tiẹ̀ nìkan ló wú bí agboorùn. Èmi ni mo ṣe irun wọn, mo sì jókòó ti ẹni tó ń tún fótò náà ṣe. Irun títọ́ kò ṣòroó rí, wọ́n mú un láti ara fótò míì tí ọmọ náà yà lọ́jọ́ náà. Wàhálà wà níbi tí wíìgì wíwú yẹn ti bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí irun kéré, ihò ṣí sílẹ̀: etí ẹni ẹ̀gbẹ́ kò sí, ògiri kò sí. A ní láti wá fótò míì tí etí ọmọbìnrin yẹn ti hàn. Lẹ́yìn ìyẹn, irun tuntun mú ju gbogbo nǹkan lọ, ọmọ náà sì wà ní ìlà ẹ̀yìn tí kámẹ́rà ò mú dáadáa. Wọ́n fi Gaussian Blur tó kéré gan-an sí i, kò tíì pé píísẹ̀lì kan, wọ́n sì fi Add Noise dá họ́rọ́họ́rọ́ fótò padà sí i. Ìgbà yẹn ló tó wọlé.

Bàbá Fìlà
Ṣé wọ́n lè bá èmi náà fi irun sí orí mi nínú fótò ẹgbẹ́ wa?

Oníwíìgì Sáúsì Géètì
Wọ́n lè fi sí i, sà. Tí ẹ bá ní fótò ìgbà tí irun yín ṣì wà, tí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan náà wá.

Àgbà Oǹdó
Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi. Ẹ fi gèlè yẹ́lò yẹn sílẹ̀. Bí ọjọ́ náà ṣe rí nìyẹn. Àwọn ọmọ ọmọ yín á bèèrè ìdí tó fi yàtọ̀, ẹ̀yin á sì ní ìtàn láti sọ fún wọn.

Ọmọ Ekìmọ̀gún
Mo gbọ́, bàbá. Ẹ̀gbọ́n wa fúnra wọn ni wọ́n ní ká yí i, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn ò bá wa ṣe é. A máa tọ́jú ojúlówó rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀
Èmi wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n wọn. Bàbá, ẹnu ayé ò ṣeé fi pamọ́.

Àgbà Oǹdó
Mi ò gbà, ṣùgbọ́n ẹ kú ìnáwó.

Adé Alágbàká
Ṣebí wọ́n wé wáìnì níbi àríyá? Ẹ gé gèlè ti àríyá, ẹ gbé e síbẹ̀, ó tán!

Ọmọ Ekìmọ̀gún
Abẹ́ kánópì búlúù ni wọ́n ti ya ti àríyá, Adé. Ti ìdílé, ìta gbangba ni, nínú oòrùn ọ̀sán.

Fótò Ọyẹ́mẹ́kùn
Ẹ gbàgbé ẹ, nígbà náà. Búlúù kánópì ti wọ inú wáìnì yẹn, kò sì sí òjìji líle nínú ìṣẹ́po rẹ̀ bíi ti oòrùn ọ̀sán. Èèyàn lè yọ búlúù kúrò, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti dá òjìji tí kò sí tẹ́lẹ̀. Gèlè yẹ́lò tó wà lórí wọn ló ní òjìji tó tọ́ lára. Òun ni kí wọ́n tún ṣe, láti orí fótò tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn. Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document. Tí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fótò lásán, á fún un pọ̀, etí gèlè á di jágajàga, ìlà tí wọ́n máa fà yí i ká ò ní mọ́.

Aláṣọ Ọjà Ọba
Kí ẹ tó tẹ ńlá, ẹ gé ibi orí ẹ̀gbọ́n yín àti ti ẹni méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìyẹn ní kékeré sórí bébà kan náà. Wáìnì máa ń ṣú sí i lórí bébà. Mo rí èyí tó di dúdú pátápátá.

Adé Alágbàká
Ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́ ló burú.

Aláṣọ Ọjà Ọba
Ẹ̀rọ kan náà ló tẹ àwọn gèlè tó kù, wọn ò sì di dúdú. Ìṣẹ́po ti èyí tí wọ́n yí ni kò jìn tó lórí kọ̀ǹpútà, bébà wá gbé e mì.

Adé Alágbàká
Kò dá mi lójú, mà. Ó lè jẹ́ bébà.

Ọmọ Ekìmọ̀gún
Mo ti kàn sí ẹni tó ya fótò náà, ó ní ojúlówó ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ 20 × 24 ínṣì ní Oǹdó níbí, tí wọ́n á gbà kí n kọ́kọ́ tẹ ti kékeré?