Ṣé kí n kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì sí Ifẹ̀ ni, àbí kí n fi owó mi sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù?

Màmá Tolú: Ẹ kú ilé o. Ọmọ Iléṣà ni mí, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ òru ọdún mẹ́rin ni mo fi tu £12,000 jọ. Bọ̀dá mi rí ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì kan ní Ọ̀nà Ẹdẹ ní Ifẹ̀, wọ́n ní kí n kọ́ yàrá mẹ́fà síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifásitì Awólọ́wọ̀. Ọkọ mi ní ká kó o sínú ISA, àkáǹtì ìfowópamọ́ kan níbí, torí ìjọba kì í gba owó orí lórí èlé rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ọbòkun: Àǹtí, ẹ ra ilẹ̀ jàre. Ilẹ̀ kì í jẹrà. Kí olórí ẹbí ṣáà ti fọwọ́ sí rìsíìtì, ó parí.

Sọ̀féyọ̀ Lágéré: Kò tíì parí, àbúrò mi. Rìsíìtì ò lè sọ fún yín bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Màmá Tolú, ẹ má gba pílánì tí olùtà gbé wá gbọ́. Ẹ rán sọ̀féyọ̀ tiyín lọ wọn ibi tí pílà ààlà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, kó gbé e lọ sí ọ́fíìsì Sọ̀féyọ̀ Àgbà ní Òṣogbo, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Mo ti dé ilẹ̀ kan rí tí nọ́mbà ara pílà yàtọ̀ sí ti inú ìwé. Pílà onílẹ̀ mìíràn ni wọ́n ń fi han oníbàárà mi.

Alájà Bísí: Ṣé yàrá ti wà ńlẹ̀? Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí Ifẹ̀, ibi tó ń gbé ò ní omi. Kẹ́ẹ̀gì ló fi ń pọn ọ́n láti ilé kejì.

Ìyá Ṣadé: Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, mo ṣẹ́ £4,000 ní ₦900 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ ₦3,600,000. Báńkì fún mi ní èlé 12 nínú 100, lọ́dún kejì ó di ₦4,032,000. Inú mi dùn. Àmọ́ ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye tó jẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ dá owó náà padà láti san owó ilé-ìwé Ṣadé níbí, pọ́n-ùn kan ti di ₦1,800. £2,240 péré ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Náírà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi san rẹ́ǹtì o. Níbo lẹ ti fẹ́ ná owó yìí?

Màmá Tolú: Ẹ ṣé gan-an. Ọdún mẹ́ta sí i ni Tolú máa wọ ifásitì, níbí sì ni. Owó tirẹ̀ ò ní kúrò nínú pọ́n-ùn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lè má tó ju ilẹ̀ nìkan lọ, mi ò tiẹ̀ ka kànga mọ́ ọn. Mo ti ní kí Bọ̀dá mi ya fọ́tò pílà ránṣẹ́. Wọ́n ní, “Ṣé o ò gbà mí gbọ́ mọ́ ni?” Láti ọjọ́ Ẹtì, wọn ò gbé ìpè mi.