H.264 tàbí H.265: ọjọ́ mélòó ni rẹ́kọ́dà kámẹ́rà yín ń tọ́jú?

Ìyá Oníkẹ́mísì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kẹ́mísì ni mo ní ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Kámẹ́rà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, mẹgapísẹ̀lì mẹ́rin mẹ́rin, háàdì tó wà nínú rẹ́kọ́dà sì jẹ́ tẹ́ràbáìtì méjì. Nígbà tí a ka ọjà lóṣù tó kọjá, páálí oògùn ibà mẹ́ta ti dàwátì. Ọjọ́ kẹjọ ṣáájú ìgbà yẹn la ti kà wọ́n gbẹ̀yìn, wọ́n sì pé. Mo ní ká wo fídíò, àṣé ọjọ́ márùn-ún péré ló kù níbẹ̀. Rẹ́kọ́dà ti pa ìyókù rẹ́, ó ti gba tuntun sórí rẹ̀.

Ọmọkùnrin tó bá wa so kámẹ́rà wá, ó yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ká fídíò pọ̀ kó má gba àyè kúrò ní H.264 sí H.265, ó ní yóò di ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, ọjọ́ márùn-ún náà ni mo ṣì ń bá níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo méjèèjì, kí lojú yín rí? Ohun kejì tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ká má tìtorí àyè háàdì kí ojú èèyàn wá di bàìbàì lórí fídíò.

Dáúdà
Ẹ ra háàdì tẹ́ràbáìtì mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ parí.

Bọ̀dá Lékan
Màmá, H.265 fúnra rẹ̀ ló ń gé e sí ìdajì, kò sí nǹkan mìíràn téèyàn ń ṣe sí i. Èmi wà ní Ìlọrin, kámẹ́rà mẹ́fà, háàdì tẹ́ràbáìtì méjì bíi tiyín. Láti ọjọ́ tí mo ti yí i, ogún ọjọ́ ni mo ń rí. Bí tiyín kò bá dín, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ rẹ́kọ́dà yẹn wò, ó lè má jẹ́ ojúlówó.

Ṣọlá Oníkámẹ́rà
Màmá, ẹ má tíì dá rẹ́kọ́dà lẹ́bi. Ẹ padà síbi tí ọmọ yẹn ti yí H.264 sí H.265, ẹ wo ìlà méjì tó wà nítòsí rẹ̀: `Bitrate Type` àti `Max. Bitrate`. Bí ẹ bá bá `Constant` lórí àkọ́kọ́ àti `4096` lórí èkejì, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ iye tí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan yóò máa dà sínú háàdì, `Constant` sì ni pé iye náà kò ní yí padà.

Ẹni tó mọ aṣọ ká dáadáa lè kó aṣọ ọ̀sẹ̀ kan sínú àpò kékeré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pàṣẹ fún un pé àpò ńlá ni kó kún lójoojúmọ́, àpò ńlá náà ni yóò gbé wá. H.265 mọ fídíò ká ju H.264 lọ, àmọ́ 4096 lẹ ní kó máa kún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 4096 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí a bá pín in sí mẹ́jọ, kílóbáìtì 512 ni. Láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, kámẹ́rà kan ti jẹ gígábáìtì 44, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti jẹ nǹkan bíi 354. Inú gígábáìtì 2,000 ló ti ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ márùn-ún àti ààbọ̀ ni yóò fi tán, yálà H.264 lẹ kọ síbẹ̀ tàbí H.265.

Bọ̀dá Lékan
Kí ló wá dé tí tèmi fi ń gbé ogún ọjọ́?

Ṣọlá Oníkámẹ́rà
Ẹ̀gbọ́n, ṣé iná kì í kú lórí rẹ́kọ́dà yín? Ṣé gbogbo ìgbà ló sì ń gbà sílẹ̀, àbí ìgbà tí nǹkan bá mira níwájú rẹ̀ nìkan?

Bọ̀dá Lékan
Tí wọ́n bá mú iná lọ lóru, ó máa ń kú títí ilẹ̀ fi máa mọ́, torí firíìjì nìkan ni mo so mọ́ ínfátà. Ìgbà tí nǹkan bá mira nìkan ló sì ń gbà á. Èmi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣọlá Oníkámẹ́rà
Ogún ọjọ́ yẹn kì í ṣe ogún ọjọ́ gidi nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ihò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wá àyè fún rẹ́kọ́dà lórí ínfátà yẹn, iná tó ń jẹ kò tó nǹkan.

Akọ̀wé Lọ́yà
Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kó gbogbo nǹkan lọ sí H.265, ẹ gbọ́ tiwa. Wọ́n fọ́ ilé oníbàárà wa kan ní Abẹ́òkúta. Kámẹ́rà mú ojú ọ̀kan nínú wọn kedere. A kó fídíò náà sórí fláàṣì, a gbé e lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ wò ó, kọ̀ǹpútà wọn ń dún ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta la padà. Wọ́n ti ń rò pé a kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. H.265 ni fídíò náà, kọ̀ǹpútà yẹn kò sì mọ̀ ọ́n kà.

Ìyá Oníkẹ́mísì
Háà! Èyí burú o. Kí lẹ wá ṣe?

Fọláṣadé
Ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi gan-an nìyí! Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà tó gbá ọmọ ni tiwọn. Fóònù tuntun nìkan ló gbà láti ṣí i, orí fóònù ni gbogbo wa kóra jọ lé.

Túnjí
Ohun kékeré ni. H.264 ti wà láti 2003, H.265 dé ní 2013, kò sì sí bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe máa bá èkejì mu láìsí ìrànlọ́wọ́. Ẹ fi VLC tí wọ́n fi ń wo fídíò sí i, ó máa ń ṣí i. Bí wọn ò bá jẹ́ kí ẹ fi nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà wọn, ẹ fi ffmpeg yí fídíò náà padà sí H.264 nílé kí ẹ tó lọ:

```
ffmpeg -i kamera3.mp4 -c:v libx264 -crf 18 kamera3_h264.mp4
```

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ kí àyè lè wà.

Akọ̀wé Lọ́yà
Túnjí, rárá o! Ẹ má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ láéláé. Ẹ̀dà lẹ ṣe yẹn. Lọ́yà ẹni kejì yóò kọ́kọ́ béèrè pé ta ló fọwọ́ kàn án, kí ló yọ, kí ló fi kún un. Bó ṣe ti inú rẹ́kọ́dà jáde ni kó wà ní ìpamọ́.

Túnjí
Ohun tó yọ nínú rẹ̀ kéré gan-an. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Akọ̀wé Lọ́yà
Ojú kò rí i, ìwé yóò bi yín. Mo ti jókòó síbi tí wọ́n ti fi wákàtí kan jiyàn lórí irú ẹ̀.

Ṣọlá Oníkámẹ́rà
Méjèèjì ni kó wà: ti àkọ́kọ́ fún ìpamọ́, ti Túnjí fún wíwò. Tí ẹ bá sì ń kó fídíò jáde, ẹ wò ó bóyá rẹ́kọ́dà yín lè kó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó sórí fláàṣì náà. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣe é.

Rọ̀kẹ́
Ẹ jọ̀wọ́, tèmi ni kámẹ́rà tí mo ń wò lórí fóònù láti ibi iṣẹ́. Dátà mi ń tán kíákíá. Ṣé kí n yí i sí H.265?

Ṣọlá Oníkámẹ́rà
Àǹtí Rọ̀kẹ́, tiyín yàtọ̀. Èyí tó ń lọ sórí fóònù wà lábẹ́ `Sub Stream`. Ẹ dín nọ́ńbà ti ibẹ̀ kù. Èyí tó ń wọ háàdì wà lábẹ́ `Main Stream`, wọn kì í dí ara wọn lọ́wọ́.

Olùtọ́jú Ilé-Ẹrù
Mo wà ní Ṣàgámù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dín nọ́ńbà kù, ẹ rọra. Mo gbọ́ pé H.265 lágbára, mo bá fa ti ẹnu géètì lọ sí 1024. Lọ́sàn-án, kò sí àléébù kankan. Mo ń yọ̀. Ní òru ọjọ́ kan, ọkọ̀ àjàgbé kan fi ẹ̀yìn kọlu òpó géètì, ó sì sá lọ. Nígbà tí a wo fídíò, nọ́ńbà ọkọ̀ náà ti di bí ẹ̀kọ tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró, ẹ ó rí i. Bó bá ti ṣí báyìí, ó di ìgúnmẹ́rin ìgúnmẹ́rin. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà la fi tún òpó ṣe, látinú àpò ara wa.

Dáúdà
Mo sọ bẹ́ẹ̀. Háàdì ńlá.

Ṣọlá Oníkámẹ́rà
Òru ló máa ń tú àṣírí. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, kámẹ́rà á fi agbára fa ìmọ́lẹ̀, àwòrán á wá máa ta wínníwínní bí iyanrìn. Wínníwínní yẹn kì í dúró lójú kan, nítorí náà rẹ́kọ́dà ń rò pé gbogbo àwòrán ló ń mira. Á ná ìwọ̀nba tí ẹ fún un sórí iyanrìn, kò ní ku nǹkan fún nọ́ńbà ọkọ̀. Òun náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí aláǹtakùn bá ta òwú síwájú kámẹ́rà: iná òru tó wà lára rẹ̀ á mú kí òwú náà funfun, atẹ́gùn á máa mì ín. Mo ti dé ibi tó jẹ́ pé ìgbálẹ̀ ni mo fi tún un ṣe, mi ò fọwọ́ kan sẹ́tíǹgì rárá.

Bí mo ṣe máa ń dán an wò: lẹ́yìn tí mo bá dín in kù, mo máa ní kí ẹnì kan yára rìn kọjá lóru, ibi tí a ti fẹ́ mọ ojú gan-an. Fídíò tí a gbà sílẹ̀ ni mo máa ń wò, mi kì í wo èyí tó ń lọ lọ́wọ́. Màá dá a dúró láàárín ìrìn. Bí mo bá mọ ẹni náà, ó tó. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, màá tún un gbé sókè.

Kúnlé
Kí lẹ ń jìyà sí? Ẹ tẹ `H.265+`. Mo fi sí gbogbo ilé mi, ó fi ìlọ́po méjì dára ju H.265 lásán lọ.

Ṣọlá Oníkámẹ́rà
Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí èèyàn kì í pọ̀, mo gbà. Ní ẹnu kántà, mi ò ní fi sí i. Ó máa ń jẹ́ kí odindi àwòrán jìnnà síra wọn, láàárín wọn ìyàtọ̀ nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Tí mo bá fẹ́ fò sí ìṣẹ́jú kan pàtó, ó máa ń lọ́ra, nígbà mìíràn àwòrán á dàrú kó tó mọ́.

Kúnlé
Tèmi kò lọ́ra. Ó lè jẹ́ pé rẹ́kọ́dà tẹ́ ẹ lò ti gbó.

Ṣọlá Oníkámẹ́rà
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Oríṣiríṣi ni mo ti lò, wọn kì í ṣe bákan náà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì yí ọkàn padà nípa ẹnu kántà.

Ìyá Oníkẹ́mísì
Mo padà dé, ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì. `Constant` àti `4096` ni mo bá níbẹ̀ lóòótọ́! Ọmọkùnrin náà kò mọ̀, mo fi hàn án. A fi èyí sí kámẹ́rà mẹ́fà:

```
Video Encoding: H.265
Bitrate Type: Variable
Max. Bitrate: 2048
```

Kántà àti ẹnu ọ̀nà, a fi 3072 sí wọn. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní kí ọmọ mi yára kọjá níwájú kántà lálẹ́ lẹ́yìn tí a pa iná. Mo mọ̀ ọ́n. Ní yàrá tí a ń kó oògùn sí, mi ò mọ̀ ọ́n, ìmùlẹ̀mófo ni. A gbé ti ibẹ̀ náà sí 3072, ó sì dára díẹ̀, kò tíì tó bí mo ṣe fẹ́. Mo ń ronú gílóòbù kékeré kan tí kò ní í kú níbẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, fídíò tó pẹ́ jù lórí rẹ́kọ́dà ti pé ọjọ́ mọ́kànlá.

Ṣọlá Oníkámẹ́rà
Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ fi gílóòbù yẹn sí i kí ẹ tó tún gbé nọ́ńbà sókè.

Akọ̀wé Lọ́yà
Màmá, ẹ kó ìṣẹ́jú méjì jáde sórí fláàṣì lónìí, kí ẹ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ládùúgbò. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá tún jalè.

Rọ̀kẹ́
Mo ti rí `Sub Stream` o! 1024 ló wà níbẹ̀, mo ti fà á sí 256. Ẹ ṣé.