Fótò pátákó mátì: ṣé ìsàlẹ̀ ni +1 yẹn wà ni àbí ẹ̀gbẹ́?

Ìyá Bọ́sẹ̀, Àjàṣẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí kó wá sọ tiẹ̀. Ọmọ mi ń ṣe bakì lọ́dún yìí, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ya pátákó kíláàsì ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù, fótò ṣókùnkùn, gbogbo lẹ́tà ga bákan náà:

```
u0 = 1
un+1 = 2un + 3
```

Ọmọ ní n nìkan ló wà nísàlẹ̀, èmi ní rárá, àmọ́ mi ò mọ ìdí tí mo fi ní rárá. A fà á títí di aago mọ́kànlá alẹ́.

Bàbá Táyé, Kétu: Ẹ ní kó nu ojú kámẹ́rà.

Ìyá Bọ́sẹ̀: Wọ́n ti pa pátákó rẹ́ o, Bàbá Táyé!

Tíṣà Ṣábẹ̀: Màmá, u0 yẹn ti dá ẹjọ́. Ẹ jẹ́ ká gba ti ọmọ, pé un tí a fi 1 kún jẹ́ un méjì àti 3. Ẹ yọ un kan lápá òsì, ẹ yọ ọ̀kan lápá ọ̀tún, ó ku pé un jẹ́ -2, níbi gbogbo. Pátákó sì ní u0 jẹ́ 1. Wọn ò lè jọ gbélé. n+1 lódindi ló wà nísàlẹ̀: 1, 5, 13, 29, ó ń lọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Onílé: Tí wọ́n bá gé u0 kúrò nínú fótò ńkọ́?

Tíṣà Ṣábẹ̀: A ó wo ìbéèrè tó tẹ̀lé e. Tí wọ́n bá ní kí ẹ wá u1 àti u2, ta ló ń wá nǹkan tí kò kúrò lójú kan? Àmọ́ tí u0 bá jẹ́ -2 gan-an, kíkà méjèèjì bára mu nìyẹn.

Ìyá Bọ́sẹ̀: Wọ́n tún kọ ìdáhùn sísàlẹ̀: `un = 4×2n-3`. n máa wà lókè orí 2, àmọ́ -3 ńkọ́?

Ọmọ Onílé: Ẹ fi 0 sípò n. Tí -3 bá wà nílẹ̀, 4 yọ 3, ó jẹ́ 1, u0 nìyẹn. Tó bá gun òkè, ààbọ̀ ló máa jẹ́. Ó parí, 0 ni mo máa ń fi dán gbogbo ẹ̀ wò.

Tíṣà Ṣábẹ̀: Níbí o gbà á, àmọ́ má gbé 0 káàkiri. Mú `2n+1`, n ti wà lókè: bí +1 wà lókè bí ó wà nílẹ̀, 0 máa fún ẹ ní 2. Fi 1 sí i, o rí 4 tàbí 3.

Ọmọ Onílé: Hẹn ẹn. Mo ti fi gba òdo rí nìyẹn o.

Àǹtí Láábù: Tiwa le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọṣẹ́ kan rí `4,5×106` nínú fótò èsì ẹ̀jẹ̀, ó kọ 477 sí ibi ẹ̀jẹ̀ pupa. Mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ni o, 6 wà lókè! Ẹni tó ní 477, ṣé ó máa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé?

Bàbá Táyé: Ó lè gun sẹ́mì wá.

Àǹtí Láábù: Bàbá Táyé, ẹ jọ̀ọ́ 😂

Bàbá Táyé: Ẹ̀yin tíṣà lẹ jẹ̀bi. Ẹ ń kọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tóbi bí orí màlúù.

Tíṣà Ṣábẹ̀: Mo bá yín gbà á, tèmi náà tóbi.

Ìyá Bọ́sẹ̀: Ọmọ ti gbà. Ó ku ìlà ìkẹyìn, `v2n = 16`. Ṣé 2 wà lókè, n nísàlẹ̀, àbí 2n jọ wà nísàlẹ̀? Fótò gé síbẹ̀.

Tíṣà Ṣábẹ̀: Ìyẹn, ẹ pe ọ̀rẹ́ ẹ̀.