Kí la máa pe `the` àti `a` ní Yorùbá, kí ló sì dé tí wọ́n ń bọ́ lọ́wọ́ wa nínú ímeèlì?

Ìyá Dárà, Èkó:
Ẹ kú ilé o. Ó ti lé lọ́dún méjìlá tí mo ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ mi lórí fóònù tó máa ní mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ọ̀gá mi tuntun, òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù, dá ímeèlì mi padà lánàá, ó fi pupa sàmì sí ibi mọ́kànlá tí átíkù ti sọnù, àti ibi mẹ́ta tí mo ti fi èyí tí kò yẹ kó wà sí i. Kí ló ń fà á? Kí la tiẹ̀ ń pè é ní Yorùbá, torí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Alága, Ìlọrin:
Àpilẹ̀kọ ni wọ́n ń pè é, ma. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníwèé ìròyìn ti ń lò ó. Tí átíkù yín bá wá ń sọnù nínú ímeèlì, bóyá ẹ ò so fáìlì yẹn mọ́ ọn dáadáa ni, ẹ tún fódà yín wò.

Ìyá Dárà:
Yéè, ẹ̀rín pa mí. Rárá sà, àwọn ọ̀rọ̀ pẹ́ńpẹ́ yẹn ni mò ń sọ, `the` àti `a`.

Bọ̀dá Ẹgbẹ́dá:
Ọ̀rọ̀ tí ò tó nǹkan lẹ fẹ́ sọ di ńlá yìí. `the` ni náà, `a` ni kan, ó tán. Kí ọmọ yẹn kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá nínú ọkàn ẹ̀, ibi tó bá ti gbọ́ náà kó fi `the` síbẹ̀, ibi tó bá ti gbọ́ kan kó fi `a` síbẹ̀. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọn ò dá ímeèlì mi padà rí. Orúkọ ẹ̀ náà sì wà nínú gírámà tá a ṣe ní sẹ́kọ́ńdírì, ẹ̀yán aṣàfihàn ni.

Tísà Ọ̀yọ́:
Bọ̀dá, ìdajì lẹ mú wá, ẹ kú iṣẹ́. `a` yẹn, mo gbà fún yín, torí inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ka ení ló ti jáde, bí kan tiwa ṣe jẹ́ ọmọ ìyá ọ̀kan. Náà yẹn ni mi ò gbà. Ẹ ṣí Bíbélì, Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní ẹsẹ kìíní. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1611, `the` mẹ́ta ló wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, ọ̀kan níwájú àtètèkọ́ṣe, ọ̀kan níwájú ọ̀run, ọ̀kan níwájú ayé. Ẹ wá ka tiwa: Ní àtètèkọ́ṣe Ọlọ́run dá ọ̀run òun ayé. Náà mélòó lẹ rí níbẹ̀? Kò sí. Tẹ́ ẹ bá fi náà sí i, a ó máa wá ọ̀run tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Náà ń fẹ́ ká ti dárúkọ nǹkan yẹn lẹ́ẹ̀kan. `the` kì í dúró de ìyẹn, ohun tó ń bi ẹni tó ń kọ̀wé ni pé ṣé ẹni tó máa kà á mọ èyí tó ń wí. Ẹ jẹ́ ká mú ọ́fíìsì tó ní sáfà kan ṣoṣo, ó wá kú láàárọ̀ Mọ́ńdè. Gẹ̀ẹ́sì máa kọ ọ́ báyìí:

```
The server is down.
```

Ní Yorùbá, sáfà ti kú, ká tó ṣẹ́jú a ti sọ ọ́ tán. Tó o bá wọlé tó o pariwo pé sáfà náà ti kú, wọ́n máa bi ẹ́ pé kí ló kọ́kọ́ kú, ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni, torí náà yẹn ti di pẹ̀lú. Ọmọ tó bá wá ń túmọ̀ láti inú Yorùbá bí Bọ̀dá ṣe wí, kò ní gbọ́ náà kankan lọ́kàn ẹ̀, kò sì ní kọ `the` kankan. Ibi tí mọ́kànlá Ìyá Dárà ti bọ́ nìyẹn. Lórí fóònù kò hàn, torí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kì í pe `the` tán, fẹ́rẹ́ báyìí ló ń kọjá létí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá o pè é tàbí o ò pè é. Inú ìwé lojú ti ń rí i.

Bọ̀dá Ẹgbẹ́dá:
Mo gba ti sáfà. Ti Bíbélì ni mi ò tíì gbà, Bíbélì kì í ṣe ímeèlì.

Ẹnjiníà, Ṣàgámù:
Ẹ̀yin ń sọ ti `the`, `a` ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Pọ́ǹpù méjì là ń lò nílé iṣẹ́ tí mo wà nígbà yẹn, ṣíìlì ọ̀pá ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wá ń jò. Mo gbé agolo mílíìkì sábẹ́ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Túsìdeè, nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́ ó ti dé ìdajì. Ni mo bá kọ̀wé sí ọ̀gá tó ń ṣètò àtúnṣe, òyìnbó ni, kì í sí nítòsí:

```
There is little problem with the pump in Unit 2.
```

Ó dáhùn kíákíá, ó ní inú òun dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì yọ pọ́ǹpù yẹn kúrò nínú àwọn tí wọ́n máa tú lọ́sẹ̀ yẹn. Èmi rò pé ó ń dá mi lọ́kàn le ni. Ọ̀sán Fúráìdè, béárìn gbóná, ó gbá mọ́ra, ohun gbogbo dúró. Nígbà tá a jókòó sọ ọ́, ó ṣí ímeèlì mi sórí ògiri níwájú gbogbo èèyàn, ó ní ìwọ lo sọ pé kò sí wàhálà. Mo ní mo sọ pé wàhálà díẹ̀ wà. Ó ní rárá o, pé ohun tí mo kọ ni pé wàhálà ibẹ̀ ò tó nǹkan. Títí dòní mi ò mọ ẹni tó jàre.

Tísà Ọ̀yọ́:
Ẹnjiníà, ẹ má bínú, ti gírámà, ọ̀gá yín ló jàre. `a little` ń sọ pé nǹkan ọ̀hún wà, bó ti wù kó kéré mọ. Yọ `a` kúrò, ó di pé ó kéré débi tí kò yẹ ká sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni `a few` àti `few`, ẹni tó bá kọ ọ́ pé `I have few questions` ti sọ pé òun ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè. Tiwa, tá a bá fẹ́ sọ èkejì yẹn, a máa mú kò wọ̀ ọ́: wàhálà ibẹ̀ kò tó nǹkan. Gbogbo gbólóhùn ló máa yí padà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń yí tiwọn.

Ohun tó sì mú kó burú nìyí. Níbi tó pọ̀ jù, tí `a` bá bọ́, ẹni tó ń kà á máa rí i pé ó bọ́, á fọkàn dí i, á máa kà lọ. Níbi `little` àti `few`, èyí tó ṣẹ́ kù jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dán, kò síbi tó ti kọsẹ̀, kò sóhun tó máa ta ọ̀gá yín lólobó pé nǹkan já bọ́. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò tiẹ̀ ní fọwọ́ kan díẹ̀ yẹn, màá sọ ohun tó ń ṣe pọ́ǹpù:

```
The shaft seal on the Unit 2 pump is leaking.
```

Ọmọ Àjàṣẹ́, Pọ́tò-Nófò:
Ní tiwa, kì í bọ́ o, ńṣe ló ń pọ̀ jù. Mo kọ ọ́ sí oníbàárà mi kan l'Ékòó pé `The life is hard`, ó ní ṣé ayé kan pàtó ló le ni. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá là ń sọ nílé, kí ló dé tí Yorùbá ò gbà mí sílẹ̀?

Tísà Ọ̀yọ́:
Torí ọ̀dọ̀ Faransé lẹ ti kọ́ ìwé. Faransé ò lè sọ pé ayé le láìfi `la` síwájú ayé. Èdè tẹ́ ẹ fi ń kọ̀wé ló ń darí ọwọ́ yín, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ń na ọmọ.

Alága, Ìlọrin:
Ó ti wá yé mi báyìí. Lárúbáwá náà nìyẹn! Wọ́n ń fi al síwájú ayé, àmọ́ wọn ò ní ọ̀rọ̀ kankan fún `a`. Àbúrò mi tó kàwé ní Káírò, ímeèlì ẹ̀ máa ń ní `the` níbi tí ò yẹ, `a` á sì di àwátì.

Àǹtí Pẹ́kẹ́mù, Lọ́ńdọ̀nù:
Ìyá Dárà, àwọn mẹ́ta tó pọ̀ jù yẹn ńkọ́? Kí lẹ kọ?

Ìyá Dárà:
`an advice`, `a feedback`, àti pé ọmọ mi wà `in the hospital`.

Àǹtí Pẹ́kẹ́mù:
Méjì àkọ́kọ́ ẹ jẹ̀bi, Gẹ̀ẹ́sì kì í ka ìmọ̀ràn ní ení èjì bíi tiwa. Ẹ̀kẹta, ẹ fọkàn balẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, níbí ẹni tí wọ́n dá dúró sórí bẹ́ẹ̀dì ló wà `in hospital`, tá a bá fi `the` sí i a jẹ́ pé ilé yẹn gan-an là ń sọ, bóyá ó lọ kí èèyàn ni. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Húsítìn, `the` ni wọ́n ń fi sí i fún aláìsàn lọ́hùn-ún. Ọ̀gá yín kọ tìlú ẹ̀ ni.

Ẹnjiníà, Ṣàgámù:
Orúkọ ńkọ́? Mo ní ká pè é ní aṣáájú orúkọ, ṣebí iwájú ọ̀rọ̀ orúkọ ló máa ń wà.

Àǹtí Pẹ́kẹ́mù:
Aṣáájú orúkọ ni Alùhájà àti Olóyè. Ẹ wá òmíràn.

Tísà Ọ̀yọ́:
Ẹ̀yán aṣàfihàn náà ò ní jẹ́, yìí àti yẹn ló ni ín, àwọn ń nàka sí nǹkan. Ibi iṣẹ́ tó ń ṣe ló yẹ ká ti sọ ọ́ lórúkọ. Ṣé ẹni tó ń kà á máa dá a mọ̀? Ọ̀rọ̀ ìdámọ̀ ni mo máa pè é. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ yẹn náà, kó máa bi ara ẹ̀ pé bí mo bá kọ `report` báyìí, ṣé ẹni tó ń kà á máa bi mí pé èwo? Tí ò bá ní bi mí, `the`. Tó bá máa bi mí, tó sì jẹ́ ẹyọ kan nínú ohun tí wọ́n ń kà ní ení èjì, `a`. Ìdánwò yìí ò wúlò fún ohun tá à ń sọ ní gbogbogbòò, bíi `life` Ọmọ Àjàṣẹ́, kò sì wúlò fún orúkọ ìlú o, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé Nàìjíríà wo, síbẹ̀ wọn kì í fi `the` síwájú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fi síwájú Gáḿbíà. Ìyẹn, ẹ há a sórí ni.

Bọ̀dá Ẹgbẹ́dá:
Tísà, `the` nìkan ni ìdámọ̀ bá mu. `a` ń mú ohun tẹ́nì kan ò tíì mọ̀ wọlé ni, báwo la ṣe máa pe ìyẹn ní ìdámọ̀? Èmi gbà pé `a` ni àlejò, `the` ni onílé. Tó bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó di onílé.

Tísà Ọ̀yọ́:
Èyí dùn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ àwọn onílé kan wà tí wọn ò ṣe àlejò rí, bíi sáfà yẹn. Kí lorúkọ tó sì kó àwọn méjèèjì pọ̀?

Alága, Ìlọrin:
Ẹ kúkú fi í sílẹ̀ ní átíkù, ṣebí gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Ìyá Dárà:
Alága, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní kí n lọ wá a nínú fódà?